Atọ́kùn ní Ìparí Gbólóhùn: Ìtàn Òfin Gẹ̀ẹ́sì Méjì àti Ohun tí Èdè Yorùbá Fi Hàn nípa Wọn

Ìfáàrà

Òfin méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà kò gbàgbé títí di ọjọ́ ogbó. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn kò gbọdọ̀ parí gbólóhùn. Èkejì ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi síwájú rẹ̀ nígbà tí kò bá ní olùwà. Wọ́n gba àwọn òfin wọ̀nyí bí ẹni gba àṣẹ, wọn kò sì béèrè ẹni tí ó ṣe òfin náà, ọdún tí ó ṣe é, tàbí ìdí tí ó fi ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ya irúfẹ́ gírámà méjì sọ́tọ̀. Gírámà afòfinlélẹ̀ a máa sọ bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Gírámà aṣàpèjúwe a máa sọ bí àwọn elédè ṣe ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, a sì máa wá ìlànà tí ó wà lábẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì dájú, ó dára kí a kọ́kọ́ tọ ìtàn àwọn òfin Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí dé orísun wọn, kí a sì wá gbé wọn lé orí èdè Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ìrókò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìhà àríwá Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni a ó ti rí i pé èdè Yorùbá ní òfin tirẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ méjèèjì, òfin tí ẹnikẹ́ni kò fi lélẹ̀ fún un, síbẹ̀ tí ó le ju ti àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ibi tí òfin méjèèjì ti ṣẹ̀ wá

Ní 1672, akéwì Gẹ̀ẹ́sì nì, John Dryden, kọ àròkọ kan nínú èyí tí ó ti dá Ben Jonson lẹ́bi pé ó fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn. Jonson ti kú láti 1637, kò lè fèsì. Dryden kò ṣe àlàyé ohun tí ó burú nínú àṣà náà; ó kàn pè é ní àléébù, ó sì jẹ́wọ́ pé òun náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n tún àròkọ rẹ̀ lórí eré oníṣe, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1668, tẹ̀ ní 1684, ó ti wá àwọn atọ́kùn tí ó gbẹ̀yìn gbólóhùn nínú rẹ̀, ó sì ti kó wọn padà síwájú. Ibi tí a ti lè rí òfin náà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn: òǹkọ̀wé kan tí ó ń tún ìwé ara rẹ̀ ṣe nítorí ohun tí ẹlòmíràn kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1762, Robert Lowth, àlùfáà tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé gírámà kékeré kan jáde. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dá bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹrù òfin yìí lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ohun tí Lowth kọ yóò rí i pé kò ka àṣà náà léèwọ̀. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn rẹ̀, pé ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó sì yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀; kìkì pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọlá àti ọ̀wọ̀, ó sàn kí atọ́kùn ṣáájú. Gbólóhùn tí ó fi sọ pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn àṣà náà gan-an, atọ́kùn ni ó fi parí rẹ̀. Nígbà tí Lindley Murray gba gbólóhùn kan náà sínú gírámà tirẹ̀ ní 1795, ó gbé atọ́kùn yẹn kúrò ní ìparí, ó sì fi sí àárín. Ìwé Murray ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ lò jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Báyìí ni àkíyèsí Lowth nípa ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ àwùjọ ṣe di òfin tí a fi ń fa ìlà pupa sí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Òfin kejì kò tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Lowth kò mẹ́nu kàn án rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà tí ó lòdì sí òfin yìí ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà láéláé, ó sì pọ̀ nínú ohun tí John Wycliffe kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ní 1834 ni òǹkọ̀wé kan tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ hàn ta kò ó nínú ìwé ìròyìn kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1864, Henry Alford, olórí àlùfáà Kátídírà Káńtábárì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì ayaba pé òun kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ inú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èdè Látìn ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe fún òfin yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Látìn ń lò ní ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo méjì. Ṣùgbọ́n Alford kò fi Látìn ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ó gbé e ró ni pé àwọn tí òun mọ̀ kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìtàn pé Látìn ni ó bí òfin yìí, àlàyé tí àwọn ènìyàn wá fún un lẹ́yìn tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni.

Nígbà tí H. W. Fowler gbé ìwé rẹ̀ lórí ìlò Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1926, ó ti ka ìbẹ̀rù méjèèjì sí ohun asán. Síbẹ̀, òfin tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ kì í tètè jáde níbẹ̀.

Bí gírámà ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn ìwé gírámà tí Murray àti àwọn tí ó tẹ̀lé e kọ ni wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ní àsìkò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ gírámà Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní 1822, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827. Ní 1843 ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1852 ó tún gbé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó kún ju ti ìṣáájú lọ jáde, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ní 1858, T. J. Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde.

Àwọn ìwé wọ̀nyí pín ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsọ̀rí tí àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Látìn ti ń lò. Kò sí ohun ìyanu nínú èyí, nítorí irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé bí a bá ti fún ọ̀rọ̀ kan ní orúkọ ìsọ̀rí tí ó ti èdè mìíràn wá, òfin tí ó rọ̀ mọ́ orúkọ náà níbẹ̀ fẹ́ bá a wọlé. Bí a bá pe *ní*, *sí*, *fún* àti *láti* ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbọ́ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì pé atọ́kùn kò gbọdọ̀ parí gbólóhùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbólóhùn ìyá rẹ̀.

Ìṣẹ́ ìtúpalẹ̀ tí ó bá ti Yorùbá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ di ohun tí a ṣe kíkún lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ gíga dé Ìbàdàn ní 1948. Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966, Ọládélé Awóbùlúyì sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1978. Ní àárín ọdún méjèèjì, ní 1973 àti 1974, àwọn méjèèjì jiyàn nínú ìwé àtìgbàdégbà lórí irú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kà sí ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tò tẹ̀lé ara wọn nínú gbólóhùn kan. Kò sí ẹni tí ó sọ nínú àríyànjiyàn náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdí tí àwọn elédè fi ń gba gbólóhùn kan tí wọ́n sì ń kọ òmíràn.

Ohun tí Yorùbá ń fi parí gbólóhùn

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ àti ìbéèrè, nítorí ibẹ̀ ni àbọ̀ ti máa ń kúrò ní ipò rẹ̀ lọ síwájú, tí atọ́kùn sì lè ku òun nìkan. Bí obìnrin kan ní Ìrókò bá ti oko dé tí ó kó iṣu rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ rẹ̀ lè béèrè pé:

*Ibo ni ẹ kó iṣu náà sí?*

Ìyá yóò dáhùn pé: *Ẹ̀yìnkùlé ni mo kó o sí.* Ìbéèrè àti ìdáhùn, *sí* ni ó parí méjèèjì. Bí ọmọ náà bá tún fẹ́ mọ ẹni tí ó ni iṣu náà, yóò ní: *Ta ni ẹ rà á fún?* Ìdáhùn sì lè jẹ́: *Ìyá àgbà ni mo rà á fún.* Kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ èyí tí yóò sọ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá gbé òfin Dryden wọ inú Yorùbá, gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí ó tọ́ jù láti sọ wọ́n nìyẹn.

Ẹnìkan lè wá sọ pé a jẹ́ pé Yorùbá gba atọ́kùn ní ìparí gbólóhùn láìsí ìdíwọ́. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo *ní*. Láti inú *Wọ́n ń gbé ní Ìrókò*, ohun tí a ń rí ni *Ìrókò ni wọ́n ń gbé*. Bí a bá fi *ní* sílẹ̀ ní ìparí, a ó ní *\*Ìrókò ni wọ́n ń gbé ní*, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní sọ. Àmì ìràwọ̀ tí ó ṣáájú gbólóhùn yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi ń fi hàn pé elédè kò gbà á. *Láti* náà rí bẹ́ẹ̀. Láti inú *Wọ́n wá láti Ìrókò*, a kì í rí *\*Ibo ni wọ́n wá láti?* Ohun tí a ń sọ ni *Ibo ni wọ́n ti wá?* Atọ́kùn ti pòórá ní ìparí, *ti* sì ti yọjú ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. *Ti* yìí kan náà ni ó ń jáde bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ibì kan: *Wọ́n ra iṣu ní Ìrókò* yóò di *Ìrókò ni wọ́n ti ra iṣu*, a sì tún lè gbé *ní* síwájú pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀, kí ó di *Ní Ìrókò ni wọ́n ti ra iṣu*.

Ọ̀rọ̀ *sí* tún nípọn ju bí a ṣe kọ́kọ́ rí i lọ. Lẹ́yìn *kó*, *gbé*, *fi* àti *dà*, tí wọ́n ń sọ nípa gbígbé nǹkan sí ibì kan, ó gbọ́dọ̀ dúró: *Ibo ni ẹ dà á sí?* Ṣùgbọ́n lẹ́yìn *lọ*, kì í dúró. Láti inú *Wọ́n lọ sí Mọ́níyà*, a ń rí *Mọ́níyà ni wọ́n lọ*. *\*Mọ́níyà ni wọ́n lọ sí* kò bá Yorùbá mu. Bí ẹnìkan bá yọ *sí* kúrò nínú *Ibo ni ẹ kó o sí?*, ìtumọ̀ yóò dàrú, nítorí olùgbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ibi tí nǹkan wà ni a ń béèrè. Ṣùgbọ́n *lọ* fúnra rẹ̀ ti gbé ìtumọ̀ ibi tí ènìyàn dorí kọ lọ́wọ́, kò sì nílò *sí* láti sọ ọ́.

*Fún* yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe gidi nínú *Ó fún mi ní owó*. Bí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, ó ṣì ń gba arọ́pò-orúkọ ní àbọ̀ bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń gbà á: *ó rà á fún un*. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá a sì máa dá dúró ní ìparí gbólóhùn bí àbọ̀ rẹ̀ bá ti lọ síwájú: *Iṣu ni wọ́n rà.* Bí a bá rí *fún* ní ìparí gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tí ìwà ọ̀rọ̀-ìṣe kò tíì fi sílẹ̀ ni a rí. *Ní* ní tirẹ̀ kì í gba *mi*, *un* tàbí *wọn* ní àbọ̀ nígbà tí ó bá ń tọ́ka ibì kan, kì í sì í dá dúró.

Níbí ni ìyàtọ̀ gírámà méjèèjì ti hàn kedere. Gírámà afòfinlélẹ̀ kó ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú àpótí kan, ó sì ṣe òfin kan fún gbogbo wọn. Gírámà aṣàpèjúwe dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ìwà wọn kò bára mu. Ẹni tí ó bá rò pé gírámà aṣàpèjúwe túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí ó bá wu ènìyàn ni ó lè sọ, kí ó tún wo àwọn àmì ìràwọ̀ òkè yìí. Òfin wà nínú Yorùbá, ó sì le. Àwọn elédè ni wọ́n ń pa á mọ́, láìsí olùkọ́ tí ó dúró tì wọ́n.

Àléébù kan wà tí a lè tọ́ka sí nínú Yorùbá òde òní, tí ó ti inú títúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ wá. Ẹni tí ó bá rò pé *pẹ̀lú* ni ó bá atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì kan dọ́gba ní ibi gbogbo yóò kọ *Wọ́n gé e pẹ̀lú ọ̀bẹ*. Bí ó bá wá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀bẹ, yóò há, nítorí *\*Ọ̀bẹ ni wọ́n gé e pẹ̀lú* kò ṣe é sọ. Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀: *Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e*, *Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e*. Híhá tí ó há yẹn ni àmì pé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń tẹ̀lé. Ìdánwò yìí wúlò fún olùkọ́ ju ìlà pupa lọ, nítorí ó fi ibi tí àṣìṣe ti wá han akẹ́kọ̀ọ́.

*Láti* àti ọ̀rọ̀ tí ó ń wọ àárín

Òfin kejì ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ la ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ láàárín. Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ èyí jù nínú Yorùbá ni *láti*, bí a ṣe ń lò ó nínú *Ó pinnu láti lọ*. Kí ni ó lè wọ àárín *láti* àti *lọ*? Ohun púpọ̀ ni: *láti tètè lọ*, *láti tún lọ*, *láti kọ́kọ́ lọ*, *láti jọ lọ*, *láti máa lọ*, *láti má lọ*. Nínú gbogbo wọn, kò sí ibòmíràn tí a lè gbé ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín sí. *\*Láti lọ tètè* kì í ṣe Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni *\*tètè láti lọ* kò lè rọ́pò rẹ̀. Ohun tí Alford ní òun kò rídìí rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, dandan ni nínú Yorùbá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan ni ó lè wọ ibẹ̀. A ń sọ *láti dé kíákíá*. A kì í sọ *\*láti kíákíá dé*. Kí ni ó ya *tètè* àti *kíákíá* sọ́tọ̀, nígbà tí ìtumọ̀ wọn súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Ẹ yọ *láti* kúrò, kí ẹ wò ó: *Ó tètè dé*, *Ó dé kíákíá*. Ẹ pa ipò wọn dà: *\*Ó dé tètè*, *\*Ó kíákíá dé*. Ìdáhùn ti jáde. *Tètè* jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, *kíákíá* sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó máa ń tẹ̀lé e. Ipò wọn kò yí padà nítorí pé *láti* dé. *Láti* kò ní òfin kankan tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn bí a bá wo bí *láti* yìí ṣe di ọ̀rọ̀. Yorùbá ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *àti-*, tí ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, bí a ṣe ń sọ pé *Àtijẹ àtimu di ìṣòro*. Bí *ní* bá pàdé fáwẹ̀lì tí ó yàtọ̀ sí *i*, *n* rẹ̀ máa ń di *l*, bí *ní ọjà* ṣe ń di *lọ́jà*. Nítorí náà *ní àtilọ* yóò di *látilọ*, èyí tí àkọtọ́ òde òní ń kọ ní *láti lọ*. Bí a bá gba ìtúpalẹ̀ yìí, àlàfo tí a ń rí láàárín *láti* àti *lọ* nínú ìwé jẹ́ ti òǹkọ̀wé, kì í ṣe ti elédè. Àfòmọ́ náà sì lè di mọ́ àpólà ọ̀rọ̀-ìṣe lódidi, pẹ̀lú *tètè* àti *máa* tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí a là láàárín, nítorí pé ohun tí a rò pé a là kò fìgbà kan jẹ́ ẹyọ kan tí ó dá dúró.

Èyí tún ṣàlàyé nǹkan kan nípa Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó ti ń fi *tètè* ṣáájú *dé* láti kékeré kò lè rí ohun tí ó burú bí ó bá ṣe irú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí ó bá fa ìlà sí i ń jẹ ẹ́ níyà nítorí òfin tí kò tíì tó igba ọdún, tí àwọn tí ó ni èdè náà pàápàá ti ń kọ̀ sílẹ̀.

Ìrókò àti olórí ọ̀rọ̀: *iṣu* tàbí *isu*?

Kò yẹ kí a rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń gbé òfin afòfinlélẹ̀ wá. Yorùbá ní tirẹ̀. Nínú gbólóhùn tí a fi sí ẹnu ìyá àti ọmọ lókè yìí, *iṣu* ni a kọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìbàdàn àti àwọn abúlé oko rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. *Isu* ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀ka-èdè wọn, ìró *ṣ* kò sí gẹ́gẹ́ bí ìró tí ó dá dúró. *S* ni ó ń ṣiṣẹ́ méjèèjì. *Ṣá* àti *sá* di ọ̀kan náà létí, àyíká ọ̀rọ̀ ni ó sì ń sọ fún olùgbọ́ bóyá aṣọ ni ó ṣá tàbí ènìyàn ni ó sá. Ó ń ṣẹlẹ̀ létòlétò, kò sí ìdàrúdàpọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ ọ́ kò gbàgbé *ṣ*. Ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kò ní in ni.

Yorùbá àjùmọ̀lò ní *ṣ*. Láti ọ̀dọ̀ Crowther títí dé ìpàdé tí ó darí ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́, àti láti ibẹ̀ dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, lẹ́tà méjì ni a yà sọ́tọ̀ fún *s* àti *ṣ*. Ó yẹ kí ọmọ Ìrókò kọ́ láti kọ *iṣu*, nítorí àdéhùn láàárín gbogbo ẹni tí ń ka Yorùbá ni àkọtọ́, àdéhùn kò sì lè dúró bí olúkúlùkù bá ń kọ bí ó ṣe ń pè é. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí a lè tọ́ka sí, ó ní ọdún tí a ṣe é, ó sì ní àwọn tí ó ṣe é. Kò jọ òfin Dryden.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá gbé òfin ìwé lọ sórí ẹnu, tí ó sì sọ fún ọmọ náà pé ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pàápàá ní ìpín nínú èyí. Yorùbá àjùmọ̀lò ni gírámà 1966 ṣàpèjúwe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó sọ, nítorí a kò lè ṣàpèjúwe gbogbo ẹ̀ka-èdè lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí a sì ń fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àpèjúwe ti di òfin láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan yí padà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí gbólóhùn Lowth ní ọwọ́ Murray náà nìyẹn.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn òfin méjèèjì fi hàn pé òfin gírámà tí a fi lélẹ̀ a máa ní orísun tí a lè tọ̀ dé: ọdún kan, ènìyàn kan, ìfẹ́ inú kan. Nígbà tí a gbé wọn lé orí Yorùbá, ọ̀kan ka ohun tí ó tọ́ léèwọ̀, èkejì ka ohun tí ó jẹ́ dandan léèwọ̀. Òfin tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ń pa mọ́, pé *sí* gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn *kó* ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn *lọ*, pé *tètè* kì í tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, pé *ní* kì í dá wà, kò sí nínú ìwé òfin èyíkéyìí tí Crowther tàbí Bowen lè mú bá Yorùbá láti òkè òkun. Ọmọ tí ó béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ kó iṣu sí mọ gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ *iṣu* tàbí *isu* ni ó pè é.